Awareness, Traffic àbí Sales: èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ polówó ṣọ́ọ̀bù yín l'Óṣogbo

Tẹ́ ẹ bá ṣí Ads Manager ti Fesibúùkù, tẹ́ ẹ tẹ Create, kò tíì ní bi yín nípa fọ́tò, kò tíì ní bi yín pé èló lẹ fẹ́ ná, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé iṣẹ́ wo gan-an lẹ fẹ́ rán ìpolówó yìí. Mẹ́fà ló máa kó síwájú yín: Awareness, Traffic, Engagement, Leads, App promotion àti Sales. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ Conversions lẹ́nu àwọn èèyàn, inú Sales ló wà báyìí. Ibẹ̀ yẹn lowó ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń bá omi lọ kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, torí wọ́n á kàn mú èyí tó wà lókè pátápátá, àbí èyí tí orúkọ ẹ̀ dùn létí, wọ́n á tẹ Publish, nígbà tó bá sì ti jáde tán ẹ ò lè pa dà lọ yí i mọ́, àfi kẹ́ ẹ ṣe òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà láyé. Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan, irú tó pọ̀ jù láàárín wa: ká ní ẹ ń ta àdìrẹ l'Òkè-Fìà, ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ẹ ní péèjì Fesibúùkù àti Ínsítágíràmù, ẹ ní Wọ́sáàpù, ẹ ò ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Owó tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ò ju ₦30,000 lọ. Àwọn tó ń ta báàgì, bàtà, ìpara tàbí oúnjẹ lè fi ti wọn rọ́pò àdìrẹ, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí ètò Fesibúùkù ń ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an

Kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà l'Óṣogbo àti àyíká ẹ̀ tí wọ́n ń lo Fesibúùkù pọ̀ gan-an, owó yín ò sì lè kárí wọn. Ètò náà máa ní láti ṣa àwọn kan nínú wọn. Ó sì mọ ìwà kálukú, ó mọ ẹni tó kàn máa ń wo fọ́tò kọjá, ó mọ ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kì í gbé, tó máa ń tẹ gbogbo lìǹkì tó bá rí, ó mọ ẹni tó máa ń kọ mẹ́séèjì sí àwọn tó ń tajà, ó sì mọ ẹni tó máa ń rajà dé orí sísan owó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an ló máa fi ṣa wọn. Ẹni tó rán ọmọ pé kó pín bébà fún gbogbo ẹni tó bá kọjá l'Oríta Ọláìyá ò lè bínú tí ọmọ náà bá dé nílé láìmú oníbàárà kankan dání, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí fọ́tò kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, owó kan náà fi lè bá èèyàn mìíràn pátápátá pàdé torí pé bọ́tìnì kan ṣoṣo yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé fọ́tò nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ owó yín

Ìgbésẹ̀ kìíní ò sí lórí fóònù rárá. Ẹ mú ẹni tó rajà lọ́wọ́ yín láìpẹ́ yìí, kẹ́ ẹ ro bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fún aládìrẹ wa, bó ṣe máa ń rí nìyí: ẹnì kan rí aṣọ lórí sítátọ́ọ̀sì, ó kọ̀wé pé “Ẹ kú iṣẹ́ mà, èló ni yàádì márùn-ún?”, wọ́n dá a lóhùn, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò òmíràn nínú oòrùn kóun lè rí àwọ̀ ẹ̀ dáadáa, ó bèèrè bóyá ó máa ń ṣí, ó gba nọ́ńbà àkáǹtì, ó fowó ránṣẹ́, ó wá gbé e ní ṣọ́ọ̀bù tàbí kí wọ́n fún ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù lọ sílé, tó bá sì jẹ́ ará Ìbàdàn, wọ́n á gbé e lọ sí gáréèjì kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Nínú gbogbo ìrìn yẹn, ibo ni Fesibúùkù ti lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Kò rí owó tó wọ báǹkì. Kò rí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó kù sí pátápátá ni ìgbà tí ẹni náà tẹ ìpolówó tó sì kọ mẹ́séèjì. Ibẹ̀ ni ohun tó sún mọ́ owó jù tí ètò náà lè rí, ohun tó bá sì rí nìkan ló lè lọ wá sí i. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín bá a ṣe ń yẹ Awareness, Traffic àti Sales wò.

Awareness

Èyí á fi ìpolówó yín han èèyàn tó pọ̀ jù tí owó yín bá lè ká. Nọ́ńbà tó máa jáde máa ń tóbi, ó sì máa ń dùn ún wò. Àmọ́ kò wá ẹni tó fẹ́ rà, kò wá ẹni tó fẹ́ tẹ nǹkan kan, ó ń wá ẹni tó rọrùn láti fi hàn láìná owó púpọ̀ ni.

Kì í ṣe ohun burúkú o. Ó ní ìgbà tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ṣọ́ọ̀bù láti Ayétòrò lọ sí Ògo-Olúwa, tí gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ kò ju pé “a ti kó o, ibi tá a wà nìyí” lọ, Awareness ló tọ́ sí i. Àbí oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí àlejò kún ìgboro láti ibi gbogbo, tí ẹni tó wá sí Igbó Ọ̀ṣun ń wá àdìrẹ tó máa mú relé. Ètò náà lè fi ìpolówó han àwọn tó ń gbé ládùúgbò tẹ́ ẹ bá mú àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ sì ní kí wọ́n tó lọ. Ibi tó kéré, ọjọ́ tí kò pọ̀, ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè gbé sórí láìbèèrè nǹkan kan, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹ mú un. Tí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ yìí, torí tí ₦30,000 bá tán lórí Awareness, ẹ ò ní ohun kankan lọ́wọ́ tó máa sọ fún yín bóyá aṣọ ni wọn ò fẹ́, iye ẹ̀ ni, tàbí fọ́tò. Ẹ ó kàn mọ̀ pé wọ́n rí i ni.

Traffic

Èyí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú, torí wọ́n á ní “ṣebí mo fẹ́ kí wọ́n wá síbi tèmi ni”. Traffic ń wá ẹni tó máa tẹ lìǹkì. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ti parí lójú ètò náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ kò kàn án. Ẹ ó sì rí i pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwà wọn ni kí wọ́n máa tẹ nǹkan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, wọ́n á jáde. Traffic fẹ́ràn wọn gan-an torí wọ́n pọ̀, wọn ò sì wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ní ojú ewé tó ń ṣiṣẹ́ gidi, tó ní iye ọjà, fọ́tò, ibi téèyàn ti lè sanwó, Traffic lè wúlò. Nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá débi tó ti bi yín pé kí lẹ fẹ́ kó wá, ẹ má mú link clicks, ẹ mú landing page views. Link clicks ń ka ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, landing page views ń dúró dìgbà tí ojú ewé náà bá ṣí. Pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa níbí, ìyàtọ̀ yẹn lè tóbi. Tẹ́ ẹ bá rí i pé 200 èèyàn tẹ̀ ẹ́ tó jẹ́ pé 80 péré ló dúró kó ṣí, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò orí ojú ewé yín ti wúwo jù, wọ́n ń jáde kó tó ṣí, ẹ dín wọn kù kẹ́ ẹ tó tún náwó.

Ibì kan wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí i dáadáa. Inú Traffic náà, ẹ lè ní kó gbé àwọn èèyàn lọ sórí WhatsApp. Ẹ ó wá rò pé ó tán, mẹ́séèjì ti ń bọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an ṣì ni títẹ̀, kì í ṣe kíkọ mẹ́séèjì. Ó máa kó àwọn tó ń tẹ nǹkan wá, Wọ́sáàpù á ṣí lórí fóònù wọn, wọn ò ní kọ nǹkan kan, wọ́n á pa á dé. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: Ads Manager á ní 150 èèyàn tẹ̀ ẹ́, Wọ́sáàpù yín á ní èèyàn mẹ́sàn-án ló kọ̀wé. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, fóònù yín ò bàjẹ́, iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an ni kò tọ́.

Sales, àti ìdí tí kò fi tíì kàn yín

Sales ló dùn ún gbọ́ jù, ta ni kò fẹ́ tajà? Ẹni tó máa ń rajà ló ń wá, òótọ́ ni. Àmọ́ kó tó lè wá irú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ máa sọ fún un pé ẹni báyìí ló rà. Lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, Pixel ló ń ṣe ìyẹn, kóòdù kékeré kan tí wọ́n máa ń fi sí ojú ewé, tó máa ń ránṣẹ́ pa dà sí Fesibúùkù nígbà tí ẹnì kan bá sanwó. Aládìrẹ wa ò ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì, nítorí náà kò síbi tí Pixel máa dúró sí.

Kódà ká ní ó ní in. Lẹ́yìn tí ìpolówó bá jáde, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: Learning. Ó ń kọ́ bó ṣe máa mọ ẹni tó yẹ kó lọ bá ni, ohun tó sì nílò láti kọ́ ọ tán ni pé kí ohun tẹ́ ẹ ní kó wá ṣẹlẹ̀ bí ìgbà 50 láàárín ọjọ́ méje. Ọjà 50 lọ́sẹ̀ kan, látinú ìpolówó nìkan! Tí ẹni kan tó bá rà á bá ń ná yín ní ₦4,000 owó ìpolówó, ₦200,000 lẹ máa ná lọ́sẹ̀ kan kó tó mọ ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀ lórí ayélujára ò lè débẹ̀, ó kàn máa máa táràrà ni, ẹ ó sì rí Learning limited lójú ẹ̀, ìyẹn ni pé kò rí ohun tó tó láti fi kọ́ṣẹ́.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ mú ohun tó sún mọ́ owó jù, àmọ́ tó jẹ́ pé ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra débi tí ètò náà á lè kọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀. Fún ẹni tó ń tajà lórí Wọ́sáàpù, mẹ́séèjì ni. Mẹ́séèjì ni conversion yín, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹni tó rí ìpolówó ṣe. Orúkọ tí wọ́n kọ sára bọ́tìnì tó ń ṣe é ni Engagement, èyí táwọn èèyàn kì í kà sí torí wọ́n rò pé láìkì àti kọ́ńmẹ́ǹtì nìkan ló wà nínú ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó

Tẹ́ ẹ bá ń ṣí àkáǹtì ìpolówó, ẹ mú Náírà àti aago Lagos láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àtiyí i pa dà máa ń dààmú èèyàn. Ẹ so WhatsApp Business yín mọ́ péèjì Fesibúùkù. Ẹ wá tẹ Create, ẹ mú Engagement, níbi tó ti bi yín pé ibo lẹ fẹ́ kí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, ẹ mú ibi tí mẹ́séèjì wà, kẹ́ ẹ fi àmì sí WhatsApp nìkan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa kó jẹ́ pé conversations ló ń wá, kì í ṣe link clicks.

Ad set, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti máa to owó, ìlú àti ọjọ́ orí, ẹyọ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣe. Àwọn kan á pín owó ojúmọ́ wọn sí mẹ́ta, ọ̀kan fún obìnrin, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún àwọn ọmọ UNIOSUN, kò ní sí èyí tó máa rí oúnjẹ jẹ yó nínú wọn. Ẹ kọ Osogbo síbi ìlú. Tó bá fi àyíká rẹ̀ kún un, tó gba Ẹdẹ àti Ìlobùú mọ́ra, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kadà yín bá lè débẹ̀, torí ìlú ọ̀hún nìkan lè kéré fún un. Ẹ má to oríṣiríṣi ìfẹ́ ọkàn èèyàn jọ, ọjọ́ orí àti ìlú ti tó.

Owó: ₦3,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10. Ẹ rántí pé Fesibúùkù máa ń gba owó orí VAT 7.5% lé e, nítorí náà ₦30,000 yẹn á jẹ́ ₦32,250 nígbà tó bá kúrò lọ́wọ́ yín.

Fọ́tò kan tẹ́ ẹ yà níta, lójú oòrùn, kí aṣọ náà tẹ́ sílẹ̀ kí bátànì ẹ̀ hàn. Lórí ọ̀rọ̀, ẹ kọ iye ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ò fẹ́ kọ ọ́, wọ́n á ní kí wọ́n wá sí inbox. Àmọ́ owó ìpolówó yín ló ń wá àwọn mẹ́séèjì yẹn o, ẹni tí agbára ẹ̀ ò bá ká iye yẹn, ẹ jẹ́ kó ti mọ̀ kó tó kọ̀wé. Nǹkan báyìí tó:

“Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yàádì 5, ₦18,000. Kì í ṣí. Ṣọ́ọ̀bù wa wà l'Òkè-Fìà, Òṣogbo, a sì ń gbé e wá sílé. Ẹ kọ̀wé sí wa lórí Wọ́sáàpù kẹ́ ẹ rí àwọ̀ tó kù.”

Tí àdìrẹ yín bá máa ń ṣí nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ẹ má kọ “kì í ṣí”, ẹ kọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́.

Ẹ tún lè to ọ̀rọ̀ tó máa ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, bíi “Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ló kù?” Ìyẹn dáa ju “Hello” lọ, torí ìdáhùn ẹ̀ máa ń fa ọ̀rọ̀ síwájú.

Tó bá ti jáde, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ fọ́tò, ẹ ń yí owó, ẹ ń yí ìlú, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ Learning látìbẹ̀rẹ̀ ni, owó àná ti lọ lásán.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ohun tó wọlé

Ads Manager ò lè kà á dé òpin fún yín, Wọ́sáàpù lẹ máa fi parí ẹ̀. WhatsApp Business ní àwọn label tó ti wà nínú ẹ̀: New customer, New order, Pending payment, Paid, Order complete. Gbogbo ẹni tó bá ti ìpolówó wá, ẹ fi New customer sí i lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i bó ṣe ń sún síwájú. Iṣẹ́ kékeré ni lójúmọ́, àmọ́ òun nìkan ló máa sọ òótọ́ fún yín.

Ká ní ọjọ́ 10 pé, 60 èèyàn kọ̀wé. Ads Manager á ní ₦500 ni mẹ́séèjì kan. Ó dáa. Nígbà tẹ́ ẹ ka label, 25 nínú wọn kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn nìkan, wọn ò dáhùn mọ́. 35 tó kù bá yín sọ̀rọ̀ délẹ̀, 11 gba nọ́ńbà àkáǹtì, 8 sanwó. Tí èrè orí aṣọ kan bá jẹ́ ₦4,500, ₦36,000 wọlé, ẹ yọ ₦32,250, ₦3,750 ló kù. Ẹni kan tó rà á ná yín ní nǹkan bíi ₦4,030. Ẹ ò pàdánù, ẹ ò sì tíì jèrè tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ wá wo ibi tó ti ń jò. 25 tó dákẹ́ yẹn ni. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo aago tí wọ́n kọ̀wé àti aago tẹ́ ẹ dá wọn lóhùn. Tó bá jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n kọ ọ́, tó jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lẹ dáhùn, ọ̀rọ̀ ti tutù. Mẹ́rin péré nínú wọn tó bá rà, ₦18,000 èrè ló lé sí i láìfi kọ́bọ̀ kún owó ìpolówó. Tó bá jẹ́ pé kíákíá lẹ dáhùn tí wọ́n ṣì dákẹ́, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́: tó bá jẹ́ “Ẹ kú àárọ̀, báwo ni” nìkan, tí kò sí fọ́tò àwọ̀ tí wọ́n bèèrè, ibẹ̀ ló wà.

Tí wọ́n bá pọ̀ tó kọ̀wé, tó jẹ́ pé “ibo lẹ wà?” ni gbogbo wọn ń bèèrè, àdírẹ́sì ò hàn tó nínú ìpolówó. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló rí i, tí mẹ́séèjì ò wá, ẹ má ì tíì dá Engagement lẹ́bi, fọ́tò àti iye ọjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Fún ìpolówó kejì, ẹ ṣe é bí ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo, fọ́tò ni mo máa mú, kẹ́ ẹ sì to ọ̀rọ̀ ìkíni àti iye ọjà sínú Away message ti WhatsApp Business fún àwọn tó bá kọ̀wé lóru. Nígbà tẹ́ ẹ bá ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí àwọn èèyàn ti ń sanwó lórí ẹ̀ fúnra wọn, ẹ fi Pixel sí i láti ọjọ́ kìíní kó ti máa kó ìròyìn jọ, kẹ́ ẹ tó náwó kankan lórí Sales.